Ọkàn Tó Ń Sáré Nígbà Tí Ara Jókòó

    Ẹ jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ yín máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí. Ṣé ó ti ṣe yín rí? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ ò sáré. Ẹ ò gun àtẹ̀gùn. Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Àyà yín wá ń lù kì-kì-kì, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí i kó máa gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀wù. Tàbí kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ lóru, kẹ́ ẹ fi etí lé ìrọ̀rí, kẹ́ ẹ wá máa gbọ́ ìró ọkàn yín ketekete?

Bí ara bá ń ṣiṣẹ́, ọkàn gbọ́dọ̀ sáré. Ìyẹn ò ní ẹjọ́. Ọkàn tó ń sáré nígbà tí ara jókòó ni tiwa lónìí.

Mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ́ díẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ tí wọ́n bá dé iwájú wa ni pé, "Nọ́ọ̀sì, àyà mi ń já." A ó ní, "Ó ń já báwo?" Wọ́n á ní, "Ó kàn ń já ṣáá ni." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá sì fi dé ilé ìwòsàn, àyà ọ̀hún ti lè rọlẹ̀. Dókítà á yẹ̀ wọ́n wò, kò ní rí nǹkan kan. Wọ́n á ní ẹ lọ sinmi, ẹ má ronú mọ́. Ẹ ó padà sílé, ó tún di ọ̀la.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta dání. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Báwo ló ṣe ń lù? Báwo ló ṣe parí? Bí ẹnì kan bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti bá dókítà ṣe ìdajì iṣẹ́. N ó máa padà sí wọn, nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń kà á. A lè ṣe é báyìí, àfi ẹni tó bá ń wakọ̀. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè. Ẹ mú ìka méjì tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbé e lé ọrùn ọwọ́ òsì, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ o, torí àtàǹpàkò náà ní lílù tirẹ̀, ẹ lè máa ka tirẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ohun kan ń ta níbẹ̀, tì, tì, tì. Ọkàn ló ń rán ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ wo aago, kẹ́ ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Àgbàlagbà tó ti jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tiẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100. Àwọn eléré ìdárayá lè wà nísàlẹ̀ 60, kò sì ní nǹkan ṣe wọ́n. Bó bá ń kọjá 100 lójoojúmọ́ nígbà tí ẹ jókòó, ó ń bi yín ní ìbéèrè ni. Ẹ má dákẹ́ sí i.

Nísinsìnyí, kí ló lè fà á?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu wa. Kí lẹ mu? Kí lẹ jẹ? Ohun kan wà tó ń jẹ́ káfíìnì. Ó wà nínú kọfí. Ó wà nínú tíì. Ó wà nínú ènájì dírínkì inú agolo tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Ó sì wà nínú obì wa yìí, gbànja àti àbàtà. Òun ló ń mú kí awakọ̀ òru jẹ obì kí oorun lè dá lójú rẹ̀. Ohun kan náà tó lé oorun lọ ló ń ta ọkàn ní ẹ̀ṣẹ́ pé kó yára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé káfíìnì kì í tètè lọ. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Lára aboyún, ó ń pẹ́ jùyẹn lọ. Nítorí náà, ẹni tó mu agolo kan ní ìrọ̀lẹ́, tó tún jẹ obì lé e, tí àyà rẹ̀ wá ń lù ní agogo 11 alẹ́, kó má tíì wá ọ̀tá kiri. Kó kọ́kọ́ wo inú agolo.

Ti káfíìnì, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ mu ún. Báwo ló ṣe ń lù? Ó yára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lù déédéé. Nígbà míì ó lè fo lílù kan, kí èyí tó tẹ̀ lé e lù gbì. Báwo ló ṣe parí? Díẹ̀díẹ̀, bí káfíìnì ṣe ń kúrò lára. Ọ̀nà tí ẹ fi lè dá a mọ̀ rọrùn. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi yé mu ún, kẹ́ ẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má já a lójijì, torí orí lè fọ́ yín gan-an lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta. Bí ọkàn bá wálẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ má padà sídìí obì kẹ́ ẹ ní kò ṣe nǹkan. Ẹ jẹ́ ká wá ibòmíràn.

Àwọn oògùn kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn kàtá tí wọ́n fi ń ṣí imú. Oògùn tí àwọn tó ní asímà ń fà sẹ́nu. Ibà ń ṣe é. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń ṣe é. Ìgbẹ́ gbuuru tó fa omi ara gbẹ ń ṣe é. Mo kàn ń dárúkọ wọn kọjá ni, torí ẹni tí ibà ń ṣe tàbí tó ń yàgbẹ́ sábà máa ń mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

Ó kan ti àníyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí yìí. Tí dókítà bá sọ pé ìpayà ni, kò sọ pé irọ́ lẹ ń pa. Ara tó ń bẹ̀rù ń ṣiṣẹ́ gidi. Bí owó ilé ìwé àwọn ọmọ bá ń bọ̀, tí onílé ń kan ilẹ̀kùn, ara lè rò pé ìjà ló dé. Ọkàn á yára. Èémí á yára. Bí èémí bá wá yára jù, ẹnu àti ìka ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, á máa ṣe wíríwírí, òòyì á máa kọ́ èèyàn, á dà bíi pé ikú ló dé. Ẹni tó bá ti ṣe rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Báwo ni ti ìpayà ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ó ń gòkè ni. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ó dé òkè pátápátá. Báwo ló ṣe ń lù? Kíá, kíá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà, ó sì wà déédéé. Báwo ló ṣe parí? Ó rọra ń wálẹ̀. Tí oorun bá wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọkàn rẹ̀ á sinmi. Ẹ fi ti oorun yẹn sọ́kàn. A óò lò ó láìpẹ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń pe ohun tí kì í ṣe ìpayà ní ìpayà, pàápàá fáwọn obìnrin. Obìnrin á dé, á ní àyà òun ń sáré. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ ń ronú jù." Bóyá ó ń ronú lóòótọ́. Ta ni kì í ronú nílùú yìí? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ronú náà lè ní àìsàn ọkàn.

Ẹ wo irú èyí. Obìnrin kan ń ka ìwé ìròyìn. Lójijì, àyà rẹ̀ gbéra, gbàù. Kò gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ń lù 70 tẹ́lẹ̀, ó fò sí 180 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, ẹ ò lè kà á. Ó ń lù bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, lójijì ó tún dá, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó tọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Èyí kì í ṣe ìpayà. Iná mànàmáná kékeré kan wà nínú ọkàn tó ń sọ fún un ìgbà tí yóò lù. Nínú ọkàn obìnrin yìí, iná yẹn ní ọ̀nà kan tí kò yẹ kó ní. Ó bọ́ sí ọ̀nà yẹn, ó wá ń yípo yípo. Ìgbà tó bá jáde níbẹ̀ ni ọkàn ń bọ̀ sípò. Ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ lójijì tó sì dá lójijì nìyẹn.

Ṣé ẹ rí iṣẹ́ tí ìbéèrè mẹ́ta yẹn ń ṣe? Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Báwo ló ṣe ń lù? Báwo ló ṣe parí?

Ohun tí yóò fi í hàn ni ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn sórí bébà, tí à ń pè ní í-sí-jí. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbà tí ọkàn bá ń sáré lọ́wọ́ ni wọ́n yà á. Torí náà, tó bá mú yín, ẹ sáré lọ ibi tó bá súnmọ́ yín jù tí ẹ̀rọ yìí wà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yà á lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú bébà náà. Bébà kan ṣoṣo yẹn níyì ju ìtàn ọdún mẹ́wàá lọ.

Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ohun tó ń ṣe é nìyí, ọgbọ́n kan wà tí wọ́n lè kọ́ ọ. Á rọ̀gbọ̀kú sórí bẹ́ẹ̀dì, á fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ títí ohun tí wọ́n ń tì nínú rẹ̀ á fi fẹ́ mira, fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Lójú ẹsẹ̀, ẹlòmíràn á dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, fún ìṣẹ́jú àáyá 15 míì. Àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán ti gbígbé ẹsẹ̀ sókè yìí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Iye àwọn tí ọkàn wọn padà sípò ju ìlọ́po méjì àwọn tó kàn fẹ́ atẹ́gùn lásán. Bí kò bá ṣiṣẹ́, oògùn wà tí wọ́n ń fún ní ilé ìwòsàn.

Irú kejì wà tó yàtọ̀. Ẹ fi ìka lé ọwọ́, ẹ ò rí i kó tò. Ó lù méjì, ó dúró, ó lù mẹ́rin léraléra, ó tún dúró. Ó dà bí ìlù lọ́wọ́ ọmọ tí wọn ò tíì kọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè jó sí i. Èyí pọ̀ lára àgbàlagbà, lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti lára ẹni tí ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ewu rẹ̀ ò sí nínú eré tó ń sá nìkan. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn tí kò lù déédéé, kó sì gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fún ẹlòmíràn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ọkàn náà ò tiẹ̀ dà á láàmù. Bí lílù bàbá tàbí màmá yín bá rí jákujàku lábẹ́ ìka yín, ẹ mú wọn lọ, kódà kí wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣe àwọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n tó kọjá. Bí ọkàn bá ń sáré, tí àyà ń dunni, tàbí tí èèyàn dákú, tàbí tí kò lè mí, tàbí tí ẹnu yí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí apá kan ò ṣeé gbé, ẹ má ka nǹkan kan mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọkàn tó ń sáré nígbà tí ara jókòó là ń sọ. A ti sọ ti káfíìnì, ti ìpayà, àti ti ọkàn tí iná inú rẹ̀ ṣìnà. Ó wá ku èyí tó ń fara pa mọ́ jù lójú tèmi. Ọrùn wa ló wà, kì í ṣe àyà.

Obìnrin télọ̀ kan wá sọ́dọ̀ wa. Ó ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ díẹ̀. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ fún ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Ibì kan sọ pé ìrònú ni. Aládùúgbò rẹ̀ sọ pé àwọn ayé ni, wọ́n ti náwó kan síbẹ̀. Ó ti fi obì àti kọfí sílẹ̀, ọkàn ò wálẹ̀. A bi í léèrè: báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ó ní òun ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Báwo ló ṣe ń lù? Kíákíá, ó wà déédéé. Báwo ló ṣe parí? Ó wò wá lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í parí."

Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ ká jókòó dáadáa. Ohun tí kì í parí kì í sábà jẹ́ ìpayà. A wá ń bi í nípa nǹkan míì. Ó ní òun ń jẹun ju ọkọ òun lọ, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti gán aṣọ ara òun. Ó ní tẹ́lẹ̀, òun ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, ní báyìí ọwọ́ ń gbọ̀n, ọmọṣẹ́ ló ń bá òun kì í. Ooru ń mú un nígbà tí gbogbo ilé ń bora. Ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dín kù. Kò sọ ọ̀kankan nínú wọn tẹ́lẹ̀, torí kò rò pé wọ́n bá ọkàn tan.

A ní kó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, a gbé bébà lé e lórí. Bébà náà ń gbọ̀n rìrì. A ní kó gbé omi mì, ohun kan sì gòkè níwájú ọrùn rẹ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀. Kò tóbi. Ẹni tí kò wò ó dáadáa ò ní rí i.

Mo sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá wa ṣe iṣẹ́ kan. Tó bá ti sùn fọnfọn, ẹ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má jí i o." Ó ṣe é. Ní àárọ̀, ó mú bébà wá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: agogo 3 òru, 112.

Ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ìpayà ń sùn tí èèyàn bá sùn. Èyí ò sùn.

Táírọ́ìdì ni. Ẹran ara kékeré ni, ó wà níwájú ọrùn, lábẹ́ gògóńgò. Òun ló ń rán oje sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún gbogbo ara bí yóò ṣe yára tó. Tí oje yìí bá pọ̀ jù, gbogbo ara á máa sáré: ọkàn, ìfun, ọwọ́, oorun. Ohun tó ń fà á jù ni pé àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà yí padà, wọ́n wá ń ti táírọ́ìdì láti máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ojú ẹlòmíràn á yọ síta. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ló ń mú ọkàn sáré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ń sáré ló ní gẹ̀gẹ̀ tó hàn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ó béèrè ni tí-ẹ́ẹ̀sì-éèṣì. Orí ló ń rán an láti pàṣẹ fún táírọ́ìdì. Bí oje táírọ́ìdì bá ti pọ̀ jù, orí á dákẹ́ àṣẹ, ti télọ̀ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Oje táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ sì ga gan-an.

Oògùn méjì ni dókítà fún un. Ọ̀kan ń jẹ́ propiránólọ́ọ̀lù. Ó ń fa ọkàn sẹ́yìn, ó sì ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo táírọ́ìdì. Ẹni tó ní asímà ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ má yá a lọ́wọ́ ara yín. Èkejì ń jẹ́ kabimasóòlù. Òun ló ń dí oje náà lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ló sì ń gbà kí ara tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibẹ̀ ló ti ń sú ọ̀pọ̀. Wọ́n á lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á jù ú sílẹ̀.

Télọ̀ wa ò jù ú sílẹ̀. Ní oṣù kejì, lílù rẹ̀ lóru ti wálẹ̀ sí 78, ó ti sanra díẹ̀, ó sì ti ń ki òwú fúnra rẹ̀. A ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, torí a lè máa lo oògùn yìí fún ọdún kan àti ààbọ̀, ẹlòmíràn sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń dá a lóró lójoojúmọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wà lórí kabimasóòlù. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn yín, tí ara sì gbóná, ẹ má pè é ní òtútù. Oògùn yìí lè pa ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lára ẹni díẹ̀. Ẹ dá a dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ lọ kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá fẹ́ lóyún, kó sọ fún dókítà kí oyún tó dúró, ẹni tó bá sì ti lóyún, kó sọ fún un lójú ẹsẹ̀, torí oògùn míì lè wà tó dára jù fún un.